Ìbéèrè Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Ògbóòró, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àárín ìlú,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sodiqat ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àfaradà Èkó tí wọ́n ní omi mímu pàápàá títà ni. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi eyín mi jẹ iṣu tuntun ọdún yìí yóò jẹ́ kí ìwọ náà rí tuntun ohun gbogbo tí ò ń retí. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ń lò ó bí o ṣe wí, àfi èyí tó pupa róbótó yẹn tí mo fún ewúrẹ́ nítorí pé ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì ti yá, ó ní kí n kí ọ.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mo ti gbọ́ pé gbogbo ohun tí a bá sọ sínú fóònù ló ń kọ́kọ́ gba orí òpó gíga kan kọjá ní Ṣakí kó tó dé Èkó, àna Gbádébọ̀ sì ni ẹni tó ń ṣọ́ òpó náà. O mọ Gbádébọ̀ aládùúgbò wa. Ohun tí àna rẹ̀ bá gbọ́ ní òwúrọ̀, Gbádébọ̀ ti gbọ́ ọ lọ́sàn-án, ohun tí Gbádébọ̀ bá sì gbọ́, ìlú ti gbọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi lẹ lẹ́tà yìí pa tí mo fi lé dẹ́rẹ́bà Agége lọ́wọ́.

Ilé dára. Òjò rọ̀ lásìkò, ebè tí mo kọ sí ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ti ta iṣu tí Tàófíìkì ọ̀rẹ́ mi fi dìde dúró wò, Tàófíìkì tí kì í yin iṣu ẹnikẹ́ni láyé. Ọkà bàbà ti ń yọ orí. Ewúrẹ́ abilà bí ìbejì. Ẹ̀gbọ́n mi Àmọ̀kẹ́ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ mọ́tò tí o ní o máa fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù yìí láti wá kó mi lọ sí Èkó. N kò bínú sí ọ, kí o kọ́kọ́ mọ èyí. Nígbà tí ibà dá mi wó nínú oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá, tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni Àmọ̀kẹ́ tó wá bá mi nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, òótọ́ ni o sọ pé àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò yẹ kó máa dá gbé. O ní tí n bá lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò mọ̀ bóyá mo jí tàbí n kò jí, o máa fi mí sílẹ̀. Mo wá ẹni náà títí, n kò rí i, ni mo bá gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n Sodiqat, inú mi bàjẹ́. Mo ti ń di ẹrù, mo ti bá Tàófíìkì sọ ọ́ pé kó máa bá mi mójú tó oko, mo sì máa ń dúró lórí ebè láìroko, mo kàn ń wò ó. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni a sin ìyá rẹ sí. Ta ni yóò máa tu koríko ibẹ̀? Mo sunkún lọ́jọ́ kan, n kò ní í purọ́ fún ọ.

Inú ìbànújẹ́ yìí ni mo wà tí ìlà fóònù mi tún kú. Mo pè ọ́, obìnrin tó wà nínú fóònù ní n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọmọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àlejò, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìdá mi lóhùn. Obìnrin yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Tàófíìkì ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé àfi kí n lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba, kí wọ́n so ó mọ́ ìlà náà. Ẹni tó ń ṣe é ní ìlú wa ni Mùyìbátù, ìyá Mọ́ládé, obìnrin ará Ìjió kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ lẹ́yìn tí o ti lọ sí Èkó. Ó ń ya fọ́tò níbẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn fi iná sí fóònù wọn, ó sì ní kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, kì í pariwo, tó bá ń rẹ́rìn-ín ó máa ń fi ìbòrí bo ẹnu.

Ìka mi ni wàhálà àkọ́kọ́. Ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ojú gíláàsì kan, iná pupa tàn, ẹ̀rọ ní òun kò rí èèyàn. Mo ní èmi rèé. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, pàbó. Ìyá Mọ́ládé ní ọkọ́ àti àdá ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán, pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, kí n lọ máa fi òrí pa á tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, kí n sì máa padà wá gbìyànjú. Mo gbà á gbọ́, torí ó ti hàn sí mi pé àwọn akọ̀wé tí wọn kò mú nǹkan kan dání rí ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Nígbà tó tún fẹ́ ya fọ́tò mi, ó ta aṣọ funfun sí ẹ̀yìn mi, mo sì kọ́kọ́ ka kálímà, nítorí mo mọ ibi tí a ti ń lo aṣọ funfun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù. Ó béèrè orúkọ mi, mo ní Mọ́nsúrù. Ó béèrè ọdún ìbí, mo ní ọdún tí eéṣú jẹ ọkà tán ní Ògbóòró, ó wojú mi dáadáa, ó kọ ọdún kan tó bá ojú mi mu. Ó wá ní ipò ìgbéyàwó ńkọ́, ṣé àpọ́n ni mí, ṣé mo ní aya nílé, ṣé aya mi ti kú, àbí a ti kọ ara wa sílẹ̀. Mo ní kó mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ẹyọ kan ni wọ́n ń mú. Mo ní ìjọba kì í ṣe ẹni tí à ń parọ́ fún, mo ti ṣe àpọ́n rí, mo ti gbéyàwó rí, mo ti kọ aya rí, aya mi sì ti kú, tí a bá fi ọ̀kan pa mọ́ tí wọ́n bá wá wádìí rẹ̀ ńkọ́? Ni ìyá Mọ́ládé bá gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó fi ìbòrí bo ẹnu, ó ní ṣé òótọ́ ni mo ti kọ aya rí, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ìbéèrè tó kàn nínú fọ́ọ̀mù nìyẹn.

Mo jókòó dáadáa, mo ro ó fún un. Mo sọ ti Ojúọlápé tí mo fẹ́ kí n tó mọ ìyá rẹ, pé ọdún méjì péré la lò, pé ó fẹ́ lọ tajà ní Ìbàdàn, èmi sì fẹ́ oko, pé kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni, pé a tú ká ní kóòtù ní Ṣakí, a sì jọ wọ mọ́tò kan náà padà sílé nítorí mọ́tò kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí mo tún padà lọ tẹ ìka, mo mú ìwé kóòtù náà dání kó lè fi mọ́ fọ́ọ̀mù. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó bi mí pé ṣé a ṣì máa ń rí ara wa. Mo ní mo lọ kí i nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó bi mí pé ṣé mo ṣì ń rò ó. Mo ní tí mo bá rí bàtà pupa nìkan, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní òun kì í wọ bàtà pupa. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí a ó fi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti lọ ìgbà mẹ́jọ. Ìka mi ti wọlé láti ìgbà kẹrin o, nọ́ńbà ti jáde, ìlà sì ti ṣí, ìwọ náà rí i pé mo gbé ìpè rẹ. Ṣùgbọ́n mo ń lọ láti lọ wò ó bóyá ó ṣì ṣí. Ìbéèrè kò sì tán. Ó béèrè ìyá rẹ, bó ṣe kú, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ wo ló ń pè mí, kí la fi ń jà. Mo ní iyọ̀ la fi ń jà, pé ìyá rẹ máa ń sọ iyọ̀ sí ọbẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo, pé tó bá ṣeé ṣe lónìí n ó jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ náà tán n ó sì lá àwo. Ó béèrè pé láti ọdún mẹ́rin tí Sàfúrátù ìyá rẹ ti kú, ṣé kò sí obìnrin kankan tó wá sílé mi. Mo ní opó kan láti Àgọ́-Àmọ́dù gbé ẹ̀kọ wá lẹ́ẹ̀kan. Ó yára béèrè pé ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ẹ̀kọ náà sì ti kan. Ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀, n kò mọ ohun tí ẹ̀kọ kíkan fi ń tu ojú èèyàn.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè kúrò lórí àná, tó bọ́ sórí òní. Ta ló ń fọ aṣọ mi? Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀? Ta ló máa ń sùn sílé pẹ̀lú mi? Lọ́jọ́ kan mo dé fìlà tuntun lọ, ó ní ta ló hun ún. Mo ní Àmọ̀kẹ́ ni. Ó ní Àmọ̀kẹ́ wo, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ti inú ìyá kan náà jáde. Ó ní háà, fìlà náà mà dára o, kò sì tí ì wò ó dáadáa títí di ìgbà yẹn. Ní tèmi, mo ti parí èrò sí i pé ìjọba fẹ́ pín nǹkan fún àwọn tó ń dá gbé ni, mo sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀ kúnná-kúnná kí wọ́n má baà fo orúkọ mi.

Ìgbà kẹjọ yìí ni nǹkan dàrú. Gbádébọ̀ ló bá mi níbẹ̀, òun náà wá gba nọ́ńbà. Mo jókòó síta, mo ń gbọ́. Ìyá Mọ́ládé béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ orí, ó béèrè ipò ìgbéyàwó, Gbádébọ̀ ní òun ní aya, obìnrin náà tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, ó gba ìka rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Ó parí kí n tó mu omi inú ike tán. Gbádébọ̀ tí aya rẹ̀ kan sá lọ sí Ìgbòho tòun ti rédíò ilé! Kò bi í ní ẹyọ kan nínú ohun tó bi mí. Sodiqat, mo bínú. Mo ní àṣé èmi nìkan ni wọ́n ń wádìí bí olè. Ẹ̀rù tún wá bà mí, torí lọ́dún tó kọjá Gbádébọ̀ yìí náà jókòó tì mí lábẹ́ igi, ó ń bi mí léèrè Ojúọlápé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kó tó di ìrun Mọ̀gáríbì àwọn èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Mo rò ó pé bóyá ìyá Mọ́ládé náà ń kó ọ̀rọ̀ mi jọ ni. Mo dìde láìkí i, mo gba ilé Àmọ̀kẹ́ lọ.

Àmọ̀kẹ́ ń pa ẹ̀gúsí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ fi obìnrin náà sùn ní ààfin. Ẹ̀rín ló ń rín, ó rín in títí orúnkún rẹ̀ fi gbàgbé pé ó ń dun òun. Nígbà tó wá nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí adájọ́. Ó ní tí ẹlòmíràn bá wọlé, ṣé obìnrin náà máa ń bá ìbéèrè náà lọ? Mo ní rárá, ó máa ń yí i sí ọ̀rọ̀ òjò. Ó ní ṣé ó máa ń rántí ohun tí mo bá sọ? Mo ní ó ń rántí o, nítorí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ó gbé wàrà díndín fún mi, ó ní kí n tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó ní ṣé mo ti gbọ́ ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹlòmíràn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí? Mo ronú títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ṣé obìnrin náà pẹ̀lú máa ń sọ tirẹ̀ fún mi? Mo ní n kò bi í. Ó pòṣé, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn.

Ó wá ní, bí àjèjì bá dé tó fẹ́ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ mi láti dáko, kí ló máa ń béèrè? Mo ní ó máa béèrè ẹni tó ti dá a rí, ohun tó gbìn síbẹ̀, ìdí tó fi kúrò, bóyá ilẹ̀ náà ti sinmi tó, àti bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá sọ pé òun ló ni ín. Ó ní tí ẹni tó kàn ń kọjá lọ bá rí ilẹ̀ kan náà ńkọ́? Mo ní kì í béèrè nǹkan kan, ó máa ń kí wa kú iṣẹ́ ni. Ó ní kí n lọ fi ara balẹ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ tí ẹnu ara mi sọ. Ó ní obìnrin tó béèrè ẹni tí mo ti fẹ́ rí, tó béèrè bó ṣe parí, tó wá béèrè ẹni tó wà nílé báyìí, ìtàn kọ́ ló ń wá, àyè ló ń wò bóyá ó ṣófo. Ó tún ní kì í ṣe ohun tí mo sọ nìkan ló ń gbọ́, ó ń gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí ọkùnrin tó bá ń bú gbogbo obìnrin tó ti fi sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ló tún máa bú. Tó bá sì béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wò ó ni bóyá ìdáhùn á yí padà.

Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tú ikùn ẹni wò ló fẹ́ràn ẹni. Ó ní irú Gbádébọ̀ wà, tó ń béèrè kó lè rí nǹkan rò fún ará ìlú. Ó ní irú kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ, tó fẹ́ fi okùn so èèyàn mọ́lẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa béèrè bí ọlọ́pàá, á máa bínú sí ìdáhùn, á gba fóònù ẹni lọ́wọ́ ẹni á máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní í pẹ́ tó fi máa ní má kí lágbájá mọ́. Ó ní ìbéèrè nìkan kò tó ẹ̀rí. Kí n bi í padà. Tó bá sọ tirẹ̀ láìfi ohunkóhun pa mọ́, kí n mọ̀ pé èmi ló ń wá, tó bá pa ẹnu mọ́, kí n máa bọ̀ nílé.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó síta títí àwọn tó ń gba fóònù wọn fi tán. Mo wá wọlé, mo ní mo ti dáhùn ìbéèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti wá kan èmi náà láti béèrè. Ó pa kọ̀ǹpútà. Mo béèrè ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní télọ̀ kan ni ní Ìjió, ó ṣèlérí fún òun fún ọdún mẹ́ta ó sì fẹ́ ọ̀rẹ́ òun, òun ti dárí jì í, òun sì ti ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà torí ó mọ̀ ọ́n rán. Mo béèrè bàbá Mọ́ládé. Ó ní ó ń kó ọjà gba ẹnubodè, ó dára sí òun, ọ̀nà ló pa á ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ṣì máa ń gbọ́ ìró mọ́tò kí òun yíjú wo ọ̀nà. Mo béèrè ẹni tó ti wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ààfáà kan wá, ṣọ́ọ̀bù ló ń fẹ́, kì í ṣe òun. Kò fi ọwọ́ bo nǹkan kan, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Mo wá béèrè èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi.

Mo ní, "Ta ló wà níbẹ̀ báyìí, ìyá Mọ́ládé?"

Ó ní, "Kò sí ẹnì kankan, Bàbá Sodiqat. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wá wo ìlà tó ti ṣí láti ìgbà kẹrin."

Mo ní kí ló dé tí kò bi Gbádébọ̀ ní irú ohun tó ń bi mí. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ìdáhùn Gbádébọ̀ ṣe?"

Sodiqat, inú mi dùn débi pé mo tún tẹ ìka mi mọ́ ojú gíláàsì yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ kò tilẹ̀ tàn rárá torí ó ti pa á. Mo wá sọ ti mọ́tò ìparí oṣù fún un, mo sọ ti ibà, mo sọ pé ẹni kan ṣoṣo ni ọmọ mi ní kí n dárúkọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ sọ fún Sodiqat pé tí ẹ bá jí, èmi ni n ó kọ́kọ́ mọ̀."

Ó ti tán nìyẹn. Mo borí! N kò lọ sí Èkó mọ́. Àmọ̀kẹ́ àti Tàófíìkì ti lọ sí Ìjió lọ́dọ̀ Samsudeen ẹ̀gbọ́n ìyá Mọ́ládé, tó máa ṣe wálí fún un, tó máa fà á lé ọkọ lọ́wọ́, ọkùnrin náà sì ní kí n yọjú fúnra mi. Ó béèrè ju àbúrò rẹ̀ lọ, ó béèrè bí mo ṣe ń kírun, bóyá mo ní àìsàn, bóyá mo ní aya níbòmíràn, bóyá ẹnì kan ń bá mi du ilẹ̀. Mo dáhùn láìkólòlò, torí kò sí ẹni tó ti dáhùn ìbéèrè tó mi ní gbogbo Òkè-Ògùn lọ́dún yìí. Ìmáàmù yóò so yìgì ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Fún sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó, ìyá Mọ́ládé ní kí n fún òun ní Kùránì tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àti ọgọ́rùn-ún ebè iṣu tí yóò máa jẹ́ ti òun fúnra rẹ̀. Mo fún un ní èyí tó dára jù lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Gbádébọ̀ ti wá o, ó jókòó tì mí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ohun tí òun ń gbọ́ jẹ́ òótọ́ àti bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó máa lọ, fọ́ọ̀mù mi ti kún.

Má dá mọ́tò náà dúró, jẹ́ kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni kó gbé wá. Aṣọ ìyá rẹ ṣì wà nínú àpótí, ìyá Mọ́ládé ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i kí o tó dé, pé ọwọ́ rẹ ló yẹ kó mú ohun tó bá wù ọ́ níbẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, nítorí ibi tó ń jò gan-an ni obìnrin máa ń dúró sí, kí n sì tún fi rán kafutánì funfun kan. Tàófíìkì ní kí o fi í sínú fóònù. Mo gbà, ṣùgbọ́n má fi púpọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fóònù mi kékeré ni, n kò fẹ́ kó ya. Tí o bá rí àpótí ṣáyì, fi kún un, torí ìyá Mọ́ládé fẹ́ràn ṣáyì, mo bi í.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní í bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń béèrè rẹ, ire ni yóò fi máa béèrè rẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọ́ rìn kiri ẹnu ìlú, kò ní í rí ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. N kò ní í sin ọ́, ìwọ ni yóò sin mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéyàwó ni. Àmín.

Nǹkan kan ló kù. Ìyá Mọ́ládé ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nípa tìrẹ báyìí. Ó bi mí pé ṣé o máa ń jẹ ata, ó bi mí pé orúkọ wo ni ìyá rẹ ń pè ọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, ó bi mí pé ta ló di irun rẹ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ lọ síléèwé, gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni n kò lè dáhùn. Ó ní ṣé inú Sodiqat yóò dùn kí òun wọ ilé ìyá rẹ̀? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n má fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún ọ, kí n fi àyè sílẹ̀. Àyè náà rèé nísàlẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀, dẹ́rẹ́bà yóò dúró gbà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ́nsúrù.

Ìdáhùn Sodiqat: ...............................................